Bí a ṣe ń fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ kún fọ́tò ẹbí láìbó o lára

Kò sí ìgbà tí ọdún Kérésì kọjá, tàbí tí wọ́n sin òkú àgbà tán, tí àwa tó ń tún fọ́tò ṣe ní Adó-Èkìtì kì í gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ẹ̀gbọ́n wa sí i." Ẹbí ti pé, wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí, màmá ti jókòó sáàárín, àmọ́ ọmọ kan wà ní Kánádà tí kò ráàyè wálé. Wọ́n á fi fọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n á ní ká gé e, ká fi sáàárín àwọn yòókù. Gígé rẹ̀ kò le. Àwọ̀ ara ni wàhálà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú àwọ̀ iwájú orí àbúrò rẹ̀ tó wà nínú fọ́tò, wọ́n á fi kun ojú ẹni tí wọ́n ń fi kún un. Ojú méjèèjì á wá rí bákan náà, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti parí. Àmọ́ ọmọ ìyá kan náà kì í fi dandan ní àwọ̀ kan náà. Ọ̀kan lè jẹ́ adúmáadán, kí èkejì sì jẹ́ apọ́nbéporẹ́. Bí ẹ bá fi àwọ̀ èkejì kun àkọ́kọ́, ẹ ti bó o lára láìra kírìímù nìyẹn, ìyá tó bí i ló sì máa kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ṣe ọmọ òun.

Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká mú bára mu. Ohun tí kámẹ́rà ń gbà sínú ni ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ara ẹni tó sì ta padà, nítorí náà àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò jẹ́ ti ara náà àti ti ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀. Bí a bá lè yọ ìmọ́lẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ya ẹ̀gbọ́n kúrò lára rẹ̀, ká fi ìmọ́lẹ̀ ibi tí ẹbí dúró sí rọ́pò, àwọ̀ ara rẹ̀ á jókòó síbi tó yẹ kó wà fúnra rẹ̀. Bó bá dúdú ju àbúrò rẹ̀ lọ nílé, á dúdú jù ú lọ nínú fọ́tò náà, kò sì sẹ́ni tí ojú rẹ̀ máa kọ̀ ọ́.

Ẹ wo ibi tí a ti máa ń ya fọ́tò ẹbí nílẹ̀ wa. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, abẹ́ kánópì sì ni gbogbo wọn máa ń sá sí. Bí kánópì yẹn bá jẹ́ búlúù, ìmọ́lẹ̀ tó gba ara rẹ̀ kọjá á ti di búlúù kó tó dé orí ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ojú gbogbo èèyàn á ní àwọ̀ ewé díẹ̀, wọ́n á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ wa pupa. Oòrùn tó ń bà lé ilẹ̀ níwájú kánópì á ta àwọ̀ pupa náà sókè sí abẹ́ àgbọ̀n àti abẹ́ imú. Nígbà tí a wà níbẹ̀, ojú wa kì í ka gbogbo èyí sí. Kámẹ́rà fóònù máa ń gbìyànjú láti tún un ṣe, àmọ́ kì í tún un ṣe tán, fóònù méjì kì í sì í tún un ṣe bákan náà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayàwòrán máa ń ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Ó máa ń bára mu dáadáa, mo sì rò pé ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ojú ọmọ kan náà ni, yàrá kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, fọ́tò dúdú àti funfun sì ni. Àwa òde òní la gbé ìmọ́lẹ̀ bọ́ọ̀bù inú ilé ní Kánádà wá pàdé ìmọ́lẹ̀ abẹ́ kánópì ní Ìkọ̀lé.

Ìkọ̀lé náà ni ká mú àpẹẹrẹ láti ibẹ̀. Ìdílé kan ṣe ayẹyẹ fún màmá wọn tó pé ọmọ 80 ọdún. Abẹ́ kánópì búlúù ni wọ́n ti ya fọ́tò. Àwọn obìnrin wọ àǹkárá aláwọ̀ wáìnì, àwọn ọkùnrin wọ búbá funfun. Ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí fóònù tó súnmọ́ ojú máa ń mú kí imú tóbi, kí etí sì sá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni láti bíi mítà 4 ni wọ́n ti ya àwọn yòókù. Ojú tí wọ́n yà nítòsí kò lè bá èyí tí wọ́n yà lókèèrè gbé, bí àwọ̀ wọn tiẹ̀ bára mu.

Èkejì ní fúláàṣì. Fúláàṣì ni mo kórìíra jù nínú iṣẹ́ yìí. Ara dúdú máa ń dán, ibi tó ń dán níwájú orí àti lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń jẹ́ ká mọ bí ojú ṣe rí. Fúláàṣì á jó ibẹ̀ funfun pátápátá, kò ní ku àwọ̀ ara kankan síbẹ̀ tí èèyàn lè tún ṣe. Bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, á di eérú.

Ẹ̀kẹta ni mo mú. Ó dúró nínú pálọ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀bù aláwọ̀ òféfèé, ó wọ búbá funfun, ẹlòmíràn ló sì yà á láti ọ̀ọ́kán. Apá ọ̀tún fọ́tò ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, apá ọ̀tún náà sì ni ẹnu kánópì wà ní Ìkọ̀lé. Bí apá ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá yàtọ̀, àwọn kan máa ń yí fọ́tò náà padà, kí ọ̀tún di òsì. Ẹ ṣọ́ra: ilà ojú, àpá, ibi tí irun pín sí àti bọ́tìnnì ẹ̀wù, gbogbo wọn á bọ́ sódì. Ẹbí lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ wọ́n á ní kò jọ ọ́. Ẹ kúkú bẹ̀ ẹ́ kó ya òmíràn. Ẹ sì ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document lórí WhatsApp, torí tó bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un mọ́lẹ̀, àwọ̀ ojú á sì pín sí ègé-ègé.

Ìlà ẹ̀yìn, láàárín àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, ni mo fi í sí. Níbẹ̀, èjìká àwọn tó wà níwájú á bò ó dé àyà, a ò ní máa wá ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kiri. Ojú rẹ̀ nínú fọ́tò tirẹ̀ tóbi ju ojú àwọn ará ìlà ẹ̀yìn lọ dáadáa, nítorí náà dídín ni mo dín in kù. Iyẹn kò léwu. Fífẹ̀ ló ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹ má fi gíga orí wọn díwọ̀n, torí fìlà á tàn yín jẹ. Ẹ fi àyè tó wà láàárín ojú àti àgbọ̀n wọ̀n ọ́n mọ́ ti ẹni tó dúró tì í.

Ti gígé, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nínú Photoshop, Select Subject á ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ó sì fi ọwọ́ tún etí àti irun ṣe. Photopea, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà, Levels, irinṣẹ́ tí a máa fi yí ìmọ́lẹ̀ padà nísàlẹ̀ yìí, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kàn rí i pé ògiri Kánádà kò ṣẹ́ kù sí etí rẹ̀ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó wá ku ìmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ bíi R, G, B, kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Bí ẹ bá gbé irinṣẹ́ Eyedropper sórí ibikíbi, ẹ ó rí nọ́ńbà náà nínú Info. Ẹ kọ́kọ́ yí Sample Size sí 5 by 5 Average, torí ẹyọ píksẹ́lì kan ṣoṣo lè purọ́ fún yín. Ohun tí a ń wá ni nǹkan funfun kan náà nínú fọ́tò méjèèjì. Funfun kò ní àwọ̀ tirẹ̀, nítorí náà àwọ̀ yòówù tí ẹ bá rí lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló gbé e wá.

Ọrùn búbá ni mo lò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á tààrà, kì í ṣe inú ìṣẹ́po aṣọ. Ti àbúrò tí ẹ̀gbọ́n máa dúró tì ní Ìkọ̀lé jẹ́ R 204, G 212, B 224: búlúù ló pọ̀ jù, kánópì ló fà á. Ti ẹ̀gbọ́n ní Kánádà jẹ́ R 236, G 214, B 172: pupa ga, búlúù sì lọ sílẹ̀ gan-an, iṣẹ́ bọ́ọ̀bù nìyẹn. Kí funfun kejì lè di àkọ́kọ́, pupa gbọ́dọ̀ wálẹ̀, búlúù gbọ́dọ̀ gòkè, àwọ̀ ewé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní í kúrò níbi tó wà.

Ẹ ṣí Levels gẹ́gẹ́ bí ipele tuntun, ìyẹn Adjustment Layer, sórí ipele ẹ̀gbọ́n, kí ẹ sì tẹ Alt mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ ààlà tó wà láàárín ipele méjèèjì, kí Levels náà má bàa kan àwọn yòókù. Inú Levels, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ RGB sí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mú Red, Green àti Blue lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tó bá yẹ kó wálẹ̀, ẹ fa àmì ọ̀tún Output Levels sí apá òsì. Èyí tó bá yẹ kó gòkè, ẹ fa àmì funfun òkè, ti Input, sí apá òsì. Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ, a kàn ń fi èyí tó kéré pín lórí èyí tó tóbi, ká tó sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 255:

```
Red    204 ÷ 236 × 255 = 220   (Output)
Green  212 ÷ 214 × 255 = 253   (Output)
Blue   172 ÷ 224 × 255 = 196   (Input)
```

Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ wá wo iwájú orí ẹ̀gbọ́n. Kó tó di pé a ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 150, 98, 58. Lẹ́yìn Levels, ó di 129, 97, 75. Ti àbúrò tó dúró tì í jẹ́ 141, 108, 86. Ẹ̀gbọ́n dúdú jù ú lọ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nílé. Àmọ́ ẹ wo àlàfo tó wà láàárín pupa àti búlúù: lára àbúrò, 55, lára ẹ̀gbọ́n, ó ti bọ́ láti 92 sí 54. Òféfèé tó ń mú kó dá yàtọ̀ láàárín wọn ti lọ, dúdú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ara èèyàn, ìbáà dúdú ìbáà pupa, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣàjèjì, pupa ló máa ń ga jù nínú nọ́ńbà rẹ̀, àwọ̀ ewé á tẹ̀ lé e, búlúù á gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ojú tí búlúù rẹ̀ ti bá àwọ̀ ewé dọ́gba, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dúró.

Ibi mélòó kan wà tí ìṣirò yìí ti ń kùnà. Bí funfun náà bá ti jó, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 255 tàbí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, kò ní sọ òótọ́ mọ́. Bí aṣọ méjèèjì kò bá jẹ́ irú funfun kan náà, bíi léèsì tuntun àti síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n, ìmọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ ń wọ̀n. Bí kò bá sí aṣọ funfun rárá, funfun ẹyinjú ló kù, àmọ́ ẹyinjú ẹni ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n mọ́ ẹyinjú ẹlòmíràn, kì í ṣe mọ́ aṣọ, torí ẹyinjú àgbà máa ń pọ́n díẹ̀. Ẹ má sì lo ọrùn búbá ẹni tó dúró ní etí kánópì fún ẹni tí ẹ fẹ́ fi sáàárín. Láàárín fọ́tò kan náà, ìmọ́lẹ̀ ń yí padà láti èjìká kan sí èkejì.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ò lo Match Color tó wà nínú Photoshop, tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ohun tí irinṣẹ́ yẹn ń ṣe ni pé ó ń wo àpapọ̀ gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò. Nígbà tí àwọn obìnrin mẹ́wàá bá wọ àǹkárá aláwọ̀ wáìnì, wáìnì á wọ inú àpapọ̀ náà, ojú ẹ̀gbọ́n á sì di wáìnì. Fún ìnáwó tiwa, níbi tí aṣọ ẹbí ti gba fọ́tò kan, n kì í sún mọ́ ọn.

Levels ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ojú ẹ̀gbọ́n ṣì ń dà bí ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ mìíràn, òótọ́ sì ni. Gbogbo àwọn tó wà ní Ìkọ̀lé ní pupa ilẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Òun kò ní. Ẹ ṣí ipele tuntun sórí rẹ̀, ẹ so ó mọ́ ọn bíi ti Levels, ẹ yí Blending Mode rẹ̀ sí Soft Light, kí ẹ mú àwọ̀ abẹ́ àgbọ̀n àbúrò rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí Flow rẹ̀ jẹ́ 5% fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n, abẹ́ imú àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Bí ẹ bá ti rí i lójú bí ẹni kùn ún, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni òjìji. Àbúrò tó dúró níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju òjìji sí èjìká rẹ̀, torí òjìji ló ń fi hàn pé ẹni méjì súnmọ́ra. Ipele Multiply ni ẹ ó lò fún ìyẹn. Ẹ má fi dúdú kùn ún, àwọ̀ òjìji tó wà nínú fọ́tò náà gan-an ni kẹ́ ẹ mú.

Ìfà tí a fa búlúù sókè nínú Levels tún máa ń gbé èérún kan wá. Bí ẹ bá sún fọ́tò náà mọ́ ojú dé 200%, ẹ ó rí èérún búlúù wínníwínní nínú òkùnkùn ọrùn rẹ̀. Ẹ fi Gaussian Blur bíi 0.5 rọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi Add Noise 1% tàbí 2% sí i, pẹ̀lú Monochromatic, títí tí ìrísí ara rẹ̀ á fi rí bíi ti àwọn tó yí i ká.

Ojú tó ti wo iṣẹ́ kan pẹ́ kì í rí àṣìṣe rẹ̀ mọ́, nítorí náà ipele méjì ni mo máa ń gbé sórí gbogbo fọ́tò láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́ ni Black & White. Nígbà tí àwọ̀ bá lọ, bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì yọ sójú, a jẹ́ pé mímọ́lẹ̀ rẹ̀ ni kò tọ̀nà, àwọ̀ kọ́. Èkejì ni Hue/Saturation tí Saturation rẹ̀ gòkè dé 70. Ojú gbogbo èèyàn á pọ́n kọjá ààlà, àmọ́ bí tirẹ̀ bá lọ sí òféfèé tàbí àwọ̀ ewé nígbà tí ti àwọn yòókù lọ sí pupa, ẹ ó mọ nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ padà sí nínú Levels. Ẹ yọ méjèèjì kúrò bí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ní Ìkọ̀lé, èkejì ló tú àṣírí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó hàn díẹ̀ lẹ́bàá èjìká màmá: ó jìnnà sí bọ́ọ̀bù ju ojú rẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ló sì wà lára rẹ̀. Mo kúkú fi èjìká màmá bò ó.

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ fi kún un bá ti di olóògbé, tí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dúdú àti funfun kan ṣoṣo ló kù, kò sí funfun tó máa sọ àwọ̀ rẹ̀ fún yín. Àwọ̀ tí ẹ bá fi kùn ún, àbá lásán ni. Mo máa ń gba ẹbí nímọ̀ràn pé kí a sọ gbogbo fọ́tò náà di dúdú àti funfun, bàbá á sì wọ àárín wọn láìsí ariyanjiyan.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ rántí pé ojú fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀, pépà kì í tàn án. Ara dúdú tó hàn dáadáa lórí fóònù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lókè lè rì sínú òkùnkùn lórí pépà, ẹni tó dúdú jù nínú ẹbí ló sì kọ́kọ́ ń rì. Ẹ fi fọ́tò náà pamọ́ sí sRGB, ẹ bẹ ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n pa àtúnṣe àwọ̀ tí ẹ̀rọ wọn ń ṣe fúnra rẹ̀, torí ó lè yí ohun tí ẹ ti fi nọ́ńbà wọ̀n padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlà ẹ̀yìn nìkan sórí pépà 4 nípa 6. Ẹ gbé e jáde síta, ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì fi han ẹnì kan nínú ẹbí tí kò mọ ẹni tí a fi kún un, kẹ́ ẹ tó sanwó férémù 16 nípa 20.